Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Álíkíìnì Z Láti Inú Íláìdì Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, Tí E Ò Ní Dàpọ̀ Mọ́ Ọn

Ẹni tó bá ti fi íláìdì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe álíkíìnì rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé álíkíìnì ò ní jáde. Ó máa ń jáde, ó sì máa ń pọ̀ tó. Ibi tí wàhálà wà ni pé tí wọ́n bá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ NMR, wọ́n á bá Z àti E nínú ìgò kan náà, bóyá méjì sí ọ̀kan, bóyá ọgbọọgba, nígbà tó jẹ́ pé Z nìkan ni wọ́n ń wá. Yíya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ lórí sílíkà lẹ́yìn náà kì í sábàá ṣeé ṣe. Torí náà, kí alidiháìdì tó kan íláìdì ló yẹ ká ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ṣíṣe (Z)-1-fẹ́náìlì-1-hẹ́pítíìnì láti inú bẹnsalidiháìdì àti íláìdì tó ní ẹ̀ka hẹ́sáìlì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan bẹnsalidiháìdì ni. Kò sí alidiháìdì tó tètè ń tú àṣírí ẹni tó ṣi béèsì lò bíi tirẹ̀. Tí Z yín bá mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ yín ti tọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Iyọ̀ fọ́sífóníọ́ọ̀mù, CH3(CH2)5PPh3Br, 4.70 g (11.0 mmol), tó ti gbẹ dáadáa
- KHMDS nínú THF, 1.0 M, 10.5 mL (10.5 mmol)
- Bẹnsalidiháìdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́, 1.06 g, ìyẹn bíi 1.02 mL (10.0 mmol)
- THF gbígbẹ, 55 mL
- Naitirójìn tàbí áágọ́ọ̀nù gbígbẹ, àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde
- Fúláàsìkì 250 mL tó ní ìdérí rọ́bà, àti ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì tó ń rò ó
- Yìnyín omi, yìnyín gbígbẹ àti asitóònù fún ìtutù
- Omi tó kún fún NH4Cl, hẹ́sénì, sílíkà, àti Na2SO4 gbígbẹ

Ẹ kíyè sí òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Iyọ̀ ju béèsì lọ, béèsì náà sì ju alidiháìdì lọ. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, torí a ò fẹ́ kí béèsì kankan ṣẹ́ kù nígbà tí alidiháìdì bá dé. Bẹnsalidiháìdì lè fara dà á, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lo alidiháìdì tó ní haidirójìn lára kábọ́ọ̀nù tó tẹ̀ lé C=O, béèsì tó ṣẹ́ kù máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Inú àpótí tó ń fa èéfín jáde ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀. KHMDS máa ń jóni lára, ó sì lè gbiná. THF tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè ti ní pẹ́rọ́sáìdì nínú, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ibi tí ìdè náà máa dojú kọ kí ẹ tó wọn ohunkóhun

Ẹ wo ohun tó so mọ́ kábọ́ọ̀nù íláìdì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú tó sì gbé iná òdì dání. Ohun kan yìí ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú èsì yín.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù lásán ló wà níbẹ̀, bíi hẹ́sáìlì tiwa yìí, iná òdì yẹn ò ríbi sá sí. Íláìdì náà máa gbóná, kò ní lè dúró nínú afẹ́fẹ́, Z ló sì máa ń fún wa. Tó bá jẹ́ ẹ́sítà, C=O ti kítóònù tàbí CN ló wà níbẹ̀, iná òdì á tàn dé ara rẹ̀, íláìdì á rọ̀, ẹ lè wọ̀n ọ́n lórí tábìlì bí iyọ̀ lásán. E ni èyí ń fún wa. Tó bá wá jẹ́ fẹ́náìlì tàbí ìdè oníméjì mìíràn ló wà níbẹ̀, àárín ló wà, àdàlù ló sì máa ń mú wá. Bẹnsalidiháìdì pẹ̀lú Ph3P=CHPh jẹ́ irú rẹ̀: sítílíbíìnì Z àti E ló máa bá ara wọn jáde. Ẹni tó bá ń wá ẹyọ kan ṣoṣo, kó má fi irú íláìdì yìí tẹ́tẹ́.

Kí ló fà á? Íláìdì àti alidiháìdì máa ń pa dé pọ̀ di òrùka oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ́síjìn, àti kábọ́ọ̀nù méjì. Nígbà tí òrùka náà bá ya, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á gbé ọ́síjìn lọ, kábọ́ọ̀nù méjèèjì á sì di álíkíìnì, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí padà. Ẹ̀ka méjì tó bá wà lójú kan náà lára òrùka máa wà lójú kan náà lára álíkíìnì. Nítorí náà, ìgbà tí òrùka ń pa dé ni ohun gbogbo ti parí.

Íláìdì tó gbóná máa ń tètè pa òrùka náà dé, nígbà tí àwọn tí wọ́n fẹ́ so pọ̀ ṣì jìnnà díẹ̀ síra wọn. Fẹ́náìlì mẹ́ta tó wà lórí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gba àyè gan-an, torí náà alidiháìdì máa ń yọ́ wọlé ní ìdábùú kí ẹ̀ka tirẹ̀ má bàa kọlu fẹ́náìlì wọ̀nyẹn. Ibi tó bá ara rẹ̀ níkẹyìn ni ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka íláìdì: Z. Íláìdì tó rọ̀ ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pa òrùka dé. Àwọn ìdè ti kúrú nígbà náà, C=O ti alidiháìdì àti ti ẹ́sítà ò sì fẹ́ kọ ojú sí ibì kan náà, nítorí náà àwọn ẹ̀ka méjèèjì á lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ara wọn: E.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà níbí ni orúkọ. Z àti E kì í ṣe «ẹ̀ka gígùn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí wọn ò sí». Átọ́ọ̀mù tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló ń sọ ẹ̀ka tó ga. Ẹ mú Ph3P=C(CH3)CO2CH2CH3 pẹ̀lú alidiháìdì kan, RCHO. Ẹ́sítà àti R máa wà ní òdìkejì ara wọn, ẹ ó sì pe èyí ní E torí pé ẹ́sítà ga ju CH3 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CH3 àti R wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Mo ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn lórí èsì kan náà torí pé ẹnì kan ń ka ẹ̀ka gígùn, ẹnì kejì ń ka nọ́ńbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ya álíkíìnì náà sórí ìwé, ẹ fi àmì sí ẹ̀ka tó ga lára kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ Z tàbí E sábẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, fẹ́náìlì ló ga lápá kan, ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù márùn-ún ló ga lápá kejì, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni a sì fẹ́ kí wọ́n wà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbẹ iyọ̀ náà

Tí ẹ bá fẹ́ fúnra yín ṣe iyọ̀ náà, kò le. Ẹ se PPh3 àti 1-buromohẹ́sénì pọ̀ nínú tólúìnì tó ń hó fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sẹ́ ohun funfun tó bá jáde, kí ẹ sì fi tólúìnì àti hẹ́sénì fọ̀ ọ́. Nínú NMR fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, iyọ̀ náà máa yọ nítòsí 24 ppm. Tí ẹ bá tún rí òmíràn nítòsí −5 ppm, PPh3 tó ṣẹ́ kù nìyẹn, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́.

Omi ni ọ̀tá tó wà níbí. Iyọ̀ wọ̀nyí máa ń fa omi mọ́ra láìjẹ́ kó hàn lójú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mìlígíráàmù omi 18 jẹ́ 1 mmol, ìyẹn ò sì tó ìdá kan nínú igba lára 4.70 g iyọ̀ yín. Ojú ò lè rí i, síbẹ̀ ó máa pa bí ìdá kan nínú mẹ́wàá íláìdì yín. Kò sì mọ síbẹ̀. KOH tí omi yẹn bá bí máa kọlu fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, á lé fẹ́náìlì kan jáde bíi bẹnsíìnì, á sì fi ọ́sáìdì fọ́sífìnì tó ṣì ní ẹ̀ka hẹ́sáìlì lára sílẹ̀. Ìdí nìyí tí rírí ọ́sáìdì fọ́sífìnì kan ṣáá kò fi jẹ́ ẹ̀rí pé álíkíìnì ti jáde. Ph3PO gan-an ló yẹ kí ẹ wá.

Ẹ gbé iyọ̀ náà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ní nǹkan bíi 60 sí 80 °C, láti alẹ́ di òwúrọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún gbé e padà fún wákàtí kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá yí padà mọ́, ó ti gbẹ. Kó máa dà bí ìyẹ̀fun, kó má lẹ̀ mọ́ ṣíbí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ìgò béèsì yín lẹ́ẹ̀mejì

Tí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ń ba Z jẹ́ jù lọ, èyí ni: lítíọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ló ní kí a fi n-BuLi ṣe íláìdì, íláìdì náà sì máa ń jáde dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á pé. Ṣùgbọ́n LiBr tó bí máa yọ́ sínú THF, á sì dúró síbẹ̀ de alidiháìdì.

Lítíọ́ọ̀mù fẹ́ràn ọ́síjìn. Nígbà tí òrùka oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin bá ti pa dé, ó lè di ọ́síjìn rẹ̀ mú, kó sì tú òrùka náà sílẹ̀. Pẹ̀lú alidiháìdì bíi bẹnsalidiháìdì, ohun tó tú sílẹ̀ yìí lè padà di íláìdì àti alidiháìdì, kí wọ́n tún pàdé lẹ́ẹ̀kejì, kí òrùka sì pa dé sí òdìkejì. Bí èyí bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó ni E á ṣe máa pọ̀ tó. Èèyàn á wá máa dá ìwọ̀n ooru tàbí THF lẹ́bi, kò ní rántí ìgò béèsì.

Potásíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù kì í ṣe irú wàhálà yìí. KBr kì í fẹ́ yọ́ nínú THF. Ó máa rì sísàlẹ̀ bí ìyẹ̀fun kéékèèké, kò sì ní í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà, KHMDS ni mo kọ sókè. NaHMDS náà dára, KOtBu sì ń ṣiṣẹ́ tí kò bá sí ohun mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: LiHMDS, NaHMDS àti KHMDS sábà máa ń wà nínú fíríìjì kan náà, ìgò wọn jọra, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló sì fi wọ́n hàn yàtọ̀. Ẹ ka lẹ́tà náà. Àwọn kan máa ń lo n-BuLi, wọ́n á wá fi HMPA bo lítíọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ HMPA jẹ́ ohun tí wọ́n ń fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn á fi fọwọ́ kàn án nígbà tí KHMDS wà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kò gbọ́dọ̀ sí «Li» lára ohunkóhun tó ń wọ fúláàsìkì yìí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe íláìdì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ bá yín sọ̀rọ̀

Ẹ fi iná gbẹ fúláàsìkì nígbà tó ṣófo, ẹ jẹ́ kó tutù lábẹ́ naitirójìn. Ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ sì fi naitirójìn kún un, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi síríńjì fa 50 mL THF sí i. Iyọ̀ náà ò ní yọ́ tán, omi funfun bíi wàrà lẹ máa rí. Ẹ gbé e sínú yìnyín omi, ní 0 °C, kí ẹ wá máa kán KHMDS sí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má gbójú kúrò lára ẹ̀kán àkọ́kọ́. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú á yọ níbi tó ti kan iyọ̀, ó lè pòórá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kó dúró. Pípòórá yẹn ni omi tó ṣẹ́ kù tó ń kú. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀kán ló ń pòórá, tí ẹ ti lo 2 mL tí inú fúláàsìkì ṣì funfun, ẹ dúró. Omi ló wà nínú iyọ̀ tàbí THF yín, béèsì tí ẹ bá ń dà sí i ò ní tún un ṣe.

Tí béèsì bá tán, ẹ jẹ́ kó máa rò fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ó yẹ kó di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa, kí iyọ̀ funfun tó wúwo sì ti yọ́ lọ, ó ku ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ ti KBr.

Afẹ́fẹ́ ń kọ́? Tí ọ́síjìn bá wọlé, íláìdì kan á di hẹ́sánáàlì, ìyẹn alidiháìdì tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Íláìdì mìíràn tó wà nítòsí á wá so mọ́ hẹ́sánáàlì yẹn, àwọn méjèèjì á sì di 6-dodẹ́síìnì. Ohun tó ń tú àṣírí ìdérí tó ń jò nìyí: álíkíìnì tí ẹ ò fẹ́, tí haidirójìn rẹ̀ máa yọ nítòsí 5.4 ppm, tí kò sì ní fẹ́náìlì kankan. Ọ̀kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: èéfín yìnyín gbígbẹ. CO2 ni, íláìdì sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má ṣí fúláàsìkì lórí àwo yìnyín gbígbẹ, ẹ má sì ju yìnyín gbígbẹ sínú rẹ̀ láé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pa ohun tó ń rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí àwọ̀ ọsàn náà ò bá ṣá lókè omi, níbi tó ti kan gáàsì, gáàsì yín mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi alidiháìdì sí i, nínú òtútù

Bẹnsalidiháìdì tó ti pẹ́ nínú ìgò máa ń di bẹnsóíkì ásíìdì. Tí ẹ bá rí kírísítà funfun ní ẹnu ìgò, ásíìdì náà nìyẹn, gbogbo mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì pa íláìdì kọ̀ọ̀kan, torí haidirójìn ló máa kọ́kọ́ fún un. Ẹ fi omi Na2CO3 fọ bẹnsalidiháìdì náà, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ sè é gbà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ gbé fúláàsìkì íláìdì sínú asitóònù àti yìnyín gbígbẹ, ní −78 °C, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tutù dénú. Ẹ pò bẹnsalidiháìdì mọ́ 5 mL THF, kí ẹ wá jẹ́ kó máa ṣàn wálẹ̀ lára ògiri fúláàsìkì, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tí mo fi ní lára ògiri ni pé ó máa tutù kó tó débẹ̀. Èyí tó bá kán tààrà sí àárín máa mú ibi kékeré kan gbóná, ibẹ̀ sì ni òrùka tí a ò fẹ́ ti máa ń rí àyè.

Ẹ jẹ́ kó rò fún wákàtí kan ní −78 °C, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e kúrò nínú òtútù, kó máa gòkè fúnra rẹ̀ títí á fi bá ìwọ̀n ooru yàrá dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó lo wákàtí kan sí i níbẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Wọ́n á rí i pé àwọ̀ ọsàn ti ṣá ní −78 °C, wọ́n á gbà pé ó ti parí, wọ́n á sì da omi ásíìdì sí i lójú ẹsẹ̀. Kò tíì parí. Òrùka oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ṣì wà nínú fúláàsìkì, kò sì ní ya títí ooru fi máa gòkè. Ásíìdì tó bá bá a nínú òtútù máa fún ọ́síjìn rẹ̀ ní haidirójìn, á di iyọ̀ fọ́sífóníọ́ọ̀mù tó ní OH lára, tó máa bá omi lọ, ẹ ò sì ní rí álíkíìnì kankan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ NMR tó lè tutù máa rí òrùka náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń yọ nísàlẹ̀ òdo, ní nǹkan bíi −60 sí −75 ppm. Bó bá ṣe ń gbóná ni ìyẹn á máa dínkù, tí Ph3PO á sì máa ga nítòsí 29 ppm.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àwọ̀ omi náà ti di yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ (íláìdì díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, bí a ṣe ṣètò rẹ̀), àmì bẹnsalidiháìdì ò sì sí lórí àwo TLC mọ́. Nínú hẹ́sénì lásán, álíkíìnì máa sáré lọ sókè, bẹnsalidiháìdì á wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ lé Ph3PO kúrò

Ẹ da 30 mL omi NH4Cl sí i, ẹ ya omi sọ́tọ̀, ẹ fi hẹ́sénì fa èyí tó kù nínú omi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi Na2SO4 gbẹ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì lé THF lọ. THF gbọ́dọ̀ lọ tán pátápátá, torí pé òun ló ń jẹ́ kí Ph3PO máa yọ́. Ẹ wá da bíi 50 mL hẹ́sénì tó tutù sí i, kí ẹ máa rò ó. Ph3PO máa jáde bíi kírísítà funfun, ẹ sẹ́ ẹ sọ́tọ̀. Ẹ mú díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbésẹ̀ 7, kí ẹ wá jẹ́ kí omi tó kù gba inú sílíkà kúkúrú kọjá, pẹ̀lú hẹ́sénì nìkan. Álíkíìnì á bá hẹ́sénì lọ, Ph3PO tó kù á lẹ̀ mọ́ sílíkà bí ẹni tó rí ilé tiẹ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá jáde, 1.74 g ni álíkíìnì yín máa wọ̀n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n tó sì rí 2.1 g kò tíì parí: hẹ́sénì tàbí Ph3PO ṣì wà níbẹ̀.

Láti ibí lọ, ẹ pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn. Ayodíìnì àti ìmọ́lẹ̀ lè sọ Z di E, nítorí náà tí ẹ bá ń fi ayodíìnì wo àwo TLC, ẹ má jẹ́ kí ìgò álíkíìnì wà nítòsí rẹ̀. CDCl3 tó ti pẹ́, tó ti ní ásíìdì nínú, kò yẹ fún un náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kò sí ohunkóhun nítòsí 29 ppm nínú NMR fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka Z àti E

Ẹ mú díẹ̀ kí ẹ tó gbà á lórí sílíkà, kí ẹ sì tún mú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nínú NMR haidirójìn, haidirójìn tó sún mọ́ fẹ́náìlì lára Z máa yọ nítòsí 6.40 ppm, ti E nítòsí 6.37. Ẹ má fi wọ́n ṣírò, torí wọ́n gun ara wọn. Ẹ lọ bá haidirójìn kejì: ti Z wà nítòsí 5.66 ppm, ti E nítòsí 6.22. Àlàfo wà láàárín àwọn wọ̀nyí, wọn ò sì kan ara wọn. Ẹ tún wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ka ìlà wọn, ìyẹn J. Ti Z jẹ́ bíi 11.6 Hz, ti E bíi 15.8 Hz. Haidirójìn tó wà lódìkejì ara wọn ló máa ń ní J tó tóbi.

Ká ní ẹ fi 1.00 sí èyí tó wà ní 5.66, tí èyí tó wà ní 6.22 wá jẹ́ 0.06. Z jẹ́ 1.00 nínú 1.06, ìyẹn 94 nínú ọgọ́rùn-ún, E sì jẹ́ 6. Iṣẹ́ tó dára nìyẹn.

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìgò méjì tí ẹ mú yẹn máa sọ ibi tó ti bàjẹ́. Tí èyí tó ṣáájú sílíkà bá jẹ́ 94:6, tí èyí tó tẹ̀ lé e wá jẹ́ 80:20, inú fúláàsìkì ò lẹ́bi: ìmọ́lẹ̀, ásíìdì tàbí ayodíìnì ló sọ Z di E lẹ́yìn iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ni 60:40, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3, kí ẹ lọ ka orúkọ ara ìgò. Tí Z bá dára ṣùgbọ́n tó kéré gan-an, omi tàbí ásíìdì ni, ìgbésẹ̀ 2 àti 5 ni kí ẹ tún wò.

Tó bá jẹ́ E lẹ fẹ́

Ẹ pààrọ̀ íláìdì, kí ẹ má wulẹ̀ bá èyí tó gbóná jà. Ẹ mú bẹnsalidiháìdì kan náà, 10.0 mmol, àti Ph3P=CHCO2CH2CH3, 3.83 g (11.0 mmol), nínú 30 mL CH2Cl2, ní ìwọ̀n ooru yàrá, títí àmì alidiháìdì á fi tán. Kò sí béèsì, kò sí yìnyín gbígbẹ. Étílì sínámétì E ló máa jáde, Z rẹ̀ ò sì ní tó nǹkan. Ẹ̀ka ìlà E máa yọ ní 7.68 àti 6.44 ppm, J bíi 16 Hz. Z, tó bá wà, á wà ní 6.95 àti 5.95, J bíi 12.6 Hz. Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́tánóòlù níbí, pàápàá tí alidiháìdì yín bá ní ọ́síjìn lára kábọ́ọ̀nù tó tẹ̀ lé C=O: ó máa ń mú kí Z pọ̀ sí i.

Tó bá jẹ́ dandan kí álíkíìnì jẹ́ E, tí íláìdì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbóná, ọ̀nà kan wà tí lítíọ́ọ̀mù tí a lé lọ ti máa ń wúlò. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í tú òrùka sílẹ̀ nínú òtútù, ẹ wá fi PhLi tuntun gba haidirójìn kan lára kábọ́ọ̀nù tó di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, kí ẹ sì fi ásíìdì dá haidirójìn náà padà. Bó bá ṣe ń padà, ó máa jókòó sí ibi tó jẹ́ pé E ló máa bí. Iṣẹ́ ẹni tí n-BuLi àti òtútù ti mọ́ lára ni.

Kítóònù

Íláìdì tó gbóná ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú kítóònù. Íláìdì tó rọ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ lè sè é fún ọjọ́ méjì kí ẹ ṣì bá kítóònù yín níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́sítà lẹ fẹ́ so mọ́ kítóònù, ẹ lo fọ́sífónéètì, (CH3CH2O)2P(O)CH2CO2CH2CH3, pẹ̀lú NaH nínú THF. Ó lágbára ju íláìdì náà lọ, ohun tó sì ṣẹ́ kù lára rẹ̀ máa bá omi lọ láìsí ìjà Ph3PO.

Nípa Z àti E, kí ẹ fojú wo apá méjèèjì kítóònù náà. Tí ọ̀kan bá jẹ́ CH3 tí èkejì sì tóbi tó sì ní ẹ̀ka púpọ̀, ẹ̀yà kan á pọ̀ ju èkejì. Tó bá jẹ́ CH3 àti CH2CH3, ẹ gbà pé àdàlù ló ń bọ̀, béèsì tàbí òtútù kankan ò sì ní yí i padà.

Ìkùnà tó sì wọ́pọ̀ jù ni kí àwọ̀ ọsàn ṣá kíákíá, kí ẹ rò pé ó ti ṣiṣẹ́, kí ẹ wá bá kítóònù yín padà lẹ́yìn omi NH4Cl. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé íláìdì gba haidirójìn lára kítóònù dípò kó so mọ́ ọn, ó sì padà di iyọ̀. Láti mọ̀ dájú, ẹ wo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú fúláàsìkì kí ẹ tó da omi sí i. Tó bá jẹ́ pé 24 ppm ló pọ̀ níbẹ̀, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan ní 29, iyọ̀ lẹ tún ṣe padà. Nígbà náà, ẹ dín ooru kù, ẹ máa kán kítóònù náà díẹ̀díẹ̀ sínú íláìdì, kí ẹ sì lo íláìdì tó tó ìlọ́po méjì.